Oṣùwọ̀n Àkànmọ́ àti Oṣùwọ̀n Ọjà: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Náírà àti Sẹ́fà

Iṣẹ́: Ètò Ọrọ̀ Ajé
Kíláàsì: Ọdún kẹta, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àgbà
Orí ọ̀rọ̀: Ọ̀nà méjì tí orílẹ̀-èdè ń gbà dá iye owó rẹ̀ sí owó ilẹ̀ òkèèrè, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ ìjọba
Àkókò: Pírẹ́dì méjì

## Èròńgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá fi parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

1. sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín oṣùwọ̀n àkànmọ́ àti oṣùwọ̀n ọjà, kí ó sì ṣàlàyé bí báǹkì àpapọ̀ ṣe ń di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú;
2. dárúkọ ohun mẹ́ta tí ìjọba kò lè ní pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀;
3. fi ìtàn náírà àti ti sẹ́fà ṣàlàyé ẹni tó ń jìyà àti ẹni tó ń jàǹfààní lábẹ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan;
4. dá àwọn àmì mọ̀ tó ń fi hàn pé oṣùwọ̀n àkànmọ́ kan kò ní pẹ́ já.

## Ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ nípa ọjà títà àti rírà, wọ́n mọ̀ pé bí ohun kan bá wọ́n, tí àwọn tó fẹ́ ẹ sì pọ̀, owó rẹ̀ á gbé sókè. Wọ́n ti gbọ́ nílé pé dọ́là ti tún lọ sókè, wọ́n sì ti rí i bí owó búrẹ́dì àti ti oògùn ṣe ń tẹ̀ lé e.

## Ìfáárà

Ẹni tó bá gba Bádágírì lọ sí Kútọnu yóò bá àwọn tó ń ṣẹ́ owó pàdé ní ibodè Sẹ̀mẹ̀. Yorùbá àti Ẹ̀gùn wà ní ìhà méjèèjì ibodè yìí, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná yàtọ̀. Ní ìhà ti Nàìjíríà, náírà ni, iye rẹ̀ sí dọ́là sì lè yí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ìhà ti Bẹ̀nẹ̀, sẹ́fà ni. Láti oṣù kìíní 1999 ni yúrò kan ti jẹ́ sẹ́fà 655.957, kò sì tíì yẹ̀.

Owó méjèèjì yìí ni a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ wa, nítorí pé ọ̀kan jẹ́ àpẹẹrẹ àkànmọ́ tó ti pẹ́ jù lọ ní Áfíríkà, èkejì sì ti dán ọ̀nà méjèèjì wò. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: nígbà tí ìṣòro bá dé bá ọrọ̀ ajé láti òkèèrè, ta ni yóò ru ú?

## Ìpele kìíní: Bí wọ́n ṣe ń di oṣùwọ̀n mú

Oṣùwọ̀n àkànmọ́ ni èyí tí ìjọba so mọ́ owó ilẹ̀ mìíràn ní iye kan pàtó. Ìlérí ni. Báǹkì àpapọ̀ ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹnikẹ́ni tó bá mú owó ilẹ̀ òun wá, òun yóò fún un ní dọ́là tàbí yúrò ní iye tí òun ti kéde. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ ni owó òkèèrè tó wà nínú àpò ìpamọ́ báǹkì náà.

Oṣùwọ̀n ọjà yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, báǹkì àpapọ̀ kò ṣèlérí iye kankan. Àwọn tó ní dọ́là àti àwọn tó ń wá a ni wọ́n ń pàdé nínú ọjà, iye tí wọ́n bá sì fẹnu kò sí ni iye ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní orílẹ̀-èdè kan ń rí bílíọ̀nù 4 dọ́là lóṣù láti ara ohun tó ń tà sókè òkun, tí àwọn ará ilẹ̀ náà sì ń ná bílíọ̀nù 4 lórí ọjà òkèèrè. Kò sí wàhálà. Lójijì, owó ohun tó ń tà já wálẹ̀, owó tó ń wọlé di bílíọ̀nù 3. Àlàfo bílíọ̀nù kan ti yọ lóṣooṣù.

Bí oṣùwọ̀n bá jẹ́ ti ọjà, dọ́là yóò wọ́n. Àwọn kan yóò dẹ́kun ríra ọjà òkèèrè, àwọn mìíràn yóò rí i pé ó ti lérè láti tajà síta, títí tí ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde yóò fi bára dọ́gba. Iye owó ló ru ìṣòro náà.

Bí oṣùwọ̀n bá jẹ́ àkànmọ́, iye dọ́là kò ní yí, nítorí náà kò sí ohun tó máa dín ìfẹ́ ọjà òkèèrè kù. Báǹkì àpapọ̀ ni yóò máa yọ bílíọ̀nù kan lóṣooṣù láti inú àpò ìpamọ́ fi dí àlàfo náà. Bí bílíọ̀nù 30 bá wà nínú àpò, lórí ìwé, ó yẹ kó tó fún oṣù 30. Kò ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò mọ ìṣirò, nígbà tí wọ́n bá sì rí i pé àpò ń fẹ́lẹ́, oníkálukú yóò sáré wá ra dọ́là kí ìlérí tó yẹ̀. Eré náà gan-an ni yóò sọ àpò di òfìfo kí oṣù 30 tó pé.

Ẹ kọ èyí sínú ìwé yín, nítorí òun ni òpó ẹ̀kọ́ yìí: ìṣòro tó ti òkèèrè dé kò ní ṣàì bọ́ síbì kan. Bí a kò bá jẹ́ kó bọ́ sórí iye owó, yóò bọ́ sórí àpò ìpamọ́, sórí iṣẹ́, tàbí sórí owó oṣù. Ìjọba lè yan ibi tí yóò bọ́ sí, kò lè sọ pé kó má bọ́.

## Ìpele kejì: Ohun mẹ́ta tí a kò lè ní pọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Robert Mundell ọmọ Kánádà àti Marcus Fleming tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjọ Ayánilówó Lágbàáyé, ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó bí òfin kan tí gbogbo báǹkì àpapọ̀ mọ̀ lónìí. Ohun mẹ́ta ni ìjọba máa ń fẹ́:

- kí iye owó ilẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin;
- kí owó lè wọlé kí ó sì jáde láìsí ìdíwọ́;
- kí báǹkì àpapọ̀ rẹ̀ lè fúnra rẹ̀ dá iye èlé orí owó, ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ilé ń fẹ́.

Méjì nínú mẹ́ta ni ìjọba lè ní. Bó bá mú èyíkéyìí méjì, ẹ̀kẹta yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí a fi náírà ṣírò rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, iye tí ìjọba kàn mọ́ dọ́là jẹ́ nǹkan bíi náírà 199. Ká ní ẹnì kan ní mílíọ̀nù kan náírà, ó sì fura pé láàárín ọdún kan, dọ́là yóò di náírà 305, èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀.

Àkọ́kọ́, kó ra dọ́là lójú ẹsẹ̀ ní 199. Yóò rí nǹkan bíi dọ́là 5,025. Bí ọdún bá yípo, tí dọ́là di 305, owó rẹ̀ yóò ti di nǹkan bíi náírà 1,532,000.

Èkejì, kó fi owó rẹ̀ sí báǹkì kó máa gba èlé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Lópin ọdún, yóò ní náírà 1,120,000. Ní 305, dọ́là 3,672 péré ni ìyẹn.

Kò sí olóye tí yóò yan ọ̀nà kejì. Kí báǹkì àpapọ̀ tó lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró sínú náírà, èlé gbọ́dọ̀ ju ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé-iṣẹ́ wo ni yóò yá owó ní iye èlé yẹn kó má wó? Ìdí nìyí tí ìjọba tó bá fẹ́ di oṣùwọ̀n mú, tó sì fẹ́ kí èlé wà nílẹ̀, ṣe gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ owó: kó ní kí ẹnikẹ́ni má ra dọ́là láìgba àṣẹ. Bí kò bá sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kó jẹ́ kí oṣùwọ̀n máa yí.

## Ìpele kẹta: Náírà láti 2014 sí 2017

Ní oṣù kẹfà 2014, àgbá epo rọ̀bì kan ń lọ ní ohun tó lé ní dọ́là 110. Ní oṣù kìíní 2016, ó ti já sábẹ́ dọ́là 30. Epo rọ̀bì ni Nàìjíríà fi ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó òkèèrè rẹ̀, nítorí náà ìṣòro náà dé lọ́nà tí a fi hàn nínú àpẹẹrẹ wa, àfi pé ó le jù ú lọ.

Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ fa náírà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2014, ó sún iye tó ń tọ́ka sí láti 155 sí 168. Ní oṣù kejì 2015, ó ti di nǹkan bíi 198. Lẹ́yìn náà ló kàn án mọ́lẹ̀ síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ṣì ń já wálẹ̀.

Nígbà tí iye kò yí, ìwọ̀n ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dín in. Ní oṣù kẹfà 2015, Báǹkì Àpapọ̀ to orúkọ ọjà 41 jọ, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọlé kò gbọ́dọ̀ ra dọ́là ní ọjà ìjọba mọ́. Ìrẹsì wà lára wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fẹ́ èròjà ń tò sórí ìlà. Ẹni tí kò rí dọ́là lọ́dọ̀ ìjọba gba ọjà dúdú lọ. Ní oṣù kẹwàá 2016, àpò ìpamọ́ tó wà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 37 dọ́là láàárín 2014 ti dín sábẹ́ bílíọ̀nù 24.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹfà 2016, wọ́n tú okùn náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, dọ́là fò láti 197 kọjá 280. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé nǹkan bíi 305, wọ́n tún dì í mú síbẹ̀, ọjà dúdú sì ń lọ sókè. Ní oṣù kejì 2017, dọ́là ti kọjá náírà 500 níta.

Ẹ wo ohun tí àlàfo yẹn ń ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó dọ́là 10,000 ní iye ìjọba yóò san náírà 3,050,000. Bó bá gbé e jáde tà ní 500, yóò gba 5,000,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ náírà 1,950,000, kò sì gbin nǹkan, kò rọ nǹkan, kò gba ènìyàn kan ṣiṣẹ́. Owó ọ̀hún kò já bọ́ láti ọ̀run. Dọ́là tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n tà ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó mọ ènìyàn.

Oṣùwọ̀n àkànmọ́ náà kò sì dáàbò bo tálákà tí wọ́n ní torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dì í mú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wá sí Aláàbà àti Ìdúmọ̀tà kò rí dọ́là ìjọba rà, iye ọjà dúdú ni wọ́n fi ń dá owó ọjà wọn. Ní oṣù kejìlá 2016, ọ̀wọ́ngógó ti tó ìdá 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún kan náà, ọrọ̀ ajé fà sẹ́yìn pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Nàìjíríà san owó àkànmọ́, ó tún san owó ọjà, kò sì rí àǹfààní èyíkéyìí nínú méjèèjì gbà.

## Ìpele kẹrin: Sẹ́fà, àkànmọ́ tó ní onígbọ̀wọ́

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má rò pé gbogbo àkànmọ́ ló ń já báyìí. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná sẹ́fà kan náà pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò nínú wọn, báǹkì àpapọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Dákà ló sì ń bójú tó o. Ohun tó mú kí ó dúró ni pé ìjọba Faransé ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀: bí owó òkèèrè bá tán ní Dákà, ilé ìṣúra Faransé ṣèlérí láti fi tirẹ̀ kún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá kan owó ìpamọ́ àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí wà ní ilé ìṣúra náà. Ní oṣù kejìlá 2019, wọ́n kéde ní Abijáàn pé fífi owó síbẹ̀ yóò dópin, ṣùgbọ́n àkànmọ́ náà àti ìgbọ̀wọ́ náà ṣì wà.

Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere. Oníṣòwò tó wà ní Kútọnu lè bá ilé-iṣẹ́ kan ní Yúróòpù dá owó ọjà tí wọn yóò kó wá ní oṣù mẹ́fà sí i, kó sì mọ iye sẹ́fà tí yóò san. Owó kò lè pọ̀ yanturu láti fi bo ìnáwó ìjọba kan, nítorí pé Kútọnu kò ní ẹ̀rọ tó ń tẹ owó. Ní ìparí 2024, tí ọ̀wọ́ngógó Nàìjíríà wà ní ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Bẹ̀nẹ̀ kò tó ìdá 5.

Ohun tó ń gbà padà náà kò kéré. Àkọ́kọ́, Bẹ̀nẹ̀ kò lè dá èlé tirẹ̀. Dákà ló ń dá a fún gbogbo wọn, Dákà náà sì gbọ́dọ̀ máa wo ohun tí yúrò ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí òfin Mundell àti Fleming ti wí.

Èkejì, yúrò ni wọ́n kàn án mọ́, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ta òwú ní ọjà àgbáyé. Òwú ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí yúrò kan bá jẹ́ dọ́là kan, bó ti rí ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án 2022, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ́fà 656. Bí yúrò bá gbéra dé dọ́là 1.20, dọ́là kan náà di sẹ́fà 547. Òwú kan náà ni, oko kan náà ni, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé ti dín nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Bí ìṣòro bá dé, tí oṣùwọ̀n kò sì lè yí, iṣẹ́ àti owó oṣù ni yóò ru ú. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, owó kòkó àti ti kọfí já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, Àìfóríkósì tó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń ná sẹ́fà sì fara gbá a. Nàìjíríà sì ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1986, èyí tó mú kí ọjà Nàìjíríà di ọ̀pọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ní 1989, ìjọba Mathieu Kérékou kò rí owó oṣù san fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn báǹkì ìjọba ti wó, ìyanṣẹ́lódì gba ìlú kan, àpérò gbogbogbòò tó yí ìjọba padà sì wáyé ní oṣù kejì 1990. Kì í ṣe oṣùwọ̀n nìkan ló fà á, ìṣàkóso tí kò dára wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí kò lè fa owó rẹ̀ wálẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn tó yá láti fi rí ìsinmi.

Nígbà tó pẹ́ tó pẹ́, àkànmọ́ náà yẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù kìíní 1994, àwọn olórí pàdé ní Dákà, wọ́n sì kéde pé fáráǹkì Faransé kan tó ti jẹ́ sẹ́fà 50 tipẹ́tipẹ́ yóò di sẹ́fà 100. Oògùn tó jẹ́ sẹ́fà 5,000 láti Faransé di 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Àìfóríkósì, ọ̀wọ́ngógó ọdún náà tó nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbẹ̀ tó ń ta kòkó àti òwú jàǹfààní, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó oṣù kan náà sì jìyà. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀wọ́ngógó ti rọlẹ̀, ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè náà sì ti ń dàgbà. Ohun tí ì bá máa ṣẹlẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé fún ọdún mẹ́wàá ló bọ́ lulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

## Ìpele karùn-ún: Náírà ní 2023 àti 2024

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kó gbogbo ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta dọ́là pọ̀ sọ́nà kan, ó sì ní kí olùrà àti olùtà dá iye fúnra wọn. Dọ́là tó ti kúrò ní 305 dé nǹkan bíi 471 ní iye ìjọba kọjá 600 lọ́jọ́ náà. Ní oṣù kejì 2024, ó ti dé àyíká 1,500.

Ẹ jẹ́ kí a to àwọn tó kàn.

Olùra ọjà òkèèrè. Ẹ̀yà ọkọ̀ tó jẹ́ dọ́là 100 jẹ́ náírà 47,100 ní 471, ó di 150,000 ní 1,500. Lóòótọ́, ọjà dúdú ti wà ní nǹkan bíi 750 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó ti ń rà níbẹ̀ rí i tí owó ọjà náà di ìlọ́po méjì, kì í ṣe ìlọ́po mẹ́ta. Síbẹ̀, ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́jọ le púpọ̀ fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò yí. Ọ̀wọ́ngógó tó wà ní ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù karùn-ún 2023 di 34.8 ní oṣù kejìlá 2024. Yíyọ ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 wà lára ohun tó fà á, kò yẹ kí a di gbogbo rẹ̀ ru oṣùwọ̀n.

Ìjọba tó jẹ gbèsè dọ́là. Gbèsè bílíọ̀nù kan dọ́là jẹ́ bílíọ̀nù 471 náírà tẹ́lẹ̀. Ní 1,500, ó di tírílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún yá kọ́bọ̀. Ní ọ̀nà kejì, dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ìjọba rí láti ara epo rọ̀bì náà di náírà tó pọ̀ sí i.

Ẹni tó ń tajà síta. Àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó rí náírà tó pọ̀ gan-an gbà lórí kòkó rẹ̀. Ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ sì wí nìyí: bí owó bá wálẹ̀, ọjà títà sókè òkun yóò gbé sókè. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí epo rọ̀bì jẹ́ olórí ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. Àgbá epo kan kò ní pọ̀ sí i nítorí pé náírà wálẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, ìwọ̀n tí kànga lè pọn, olè jíjà lórí ọ̀pá epo àti ìpín tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè elépo fúnni ló ń dá iye àgbá tí a ń tà. Àǹfààní yìí yóò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè tó ní ilé-iṣẹ́ àti oko tó lè tètè gbòòrò, yóò sì lọ́ra ní ti wa.

Ẹni tó fẹ́ yáwó. Nítorí pé oṣùwọ̀n ti di ti ọjà, Báǹkì Àpapọ̀ ní òmìnira láti dá èlé. Ó lò ó: èlé tó fi ń darí ọjà lọ láti ìdá 18.5 ní oṣù karùn-ún 2023 sí 27.5 ní oṣù kọkànlá 2024, kí àwọn ènìyàn lè fẹ́ di náírà mú. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń yáwó ṣiṣẹ́ ló san owó òmìnira yẹn.

Ní ìhà kejì ìwé ìṣirò, àpò ìpamọ́ tó ti ń fẹ́lẹ́ kọjá bílíọ̀nù 40 dọ́là ní ìparí 2024, àlàfo tó wà láàárín iye ìjọba àti ti ọjà dúdú sì ti há gidigidi. Èrè ọ̀fẹ́ tí a ṣírò ní ìpele kẹta ti lọ.

Ní ibodè Sẹ̀mẹ̀, ìyípadà yìí hàn bí ọ̀sán gangan. Bí a bá fi iye ìjọba ṣírò, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ́fà 607 lẹ́ẹ̀mejèèjì, náírà 1,000 tó jẹ́ bíi sẹ́fà 1,290 ní 471 di bíi 405 ní 1,500. Oníbàárà tó ń ti Èkó wá ra ọkọ̀ àlòkù ní Kútọnu kò lágbára bíi tàná mọ́. Àkànmọ́ Bẹ̀nẹ̀ kò yẹ̀, síbẹ̀ ọjà rẹ̀ gbọ̀n nítorí ti aládùúgbò.

## Ìpele kẹfà: Àmì pé àkànmọ́ kan kò ní pẹ́ já

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ àwọn àmì yìí kò ní máa dúró de ìkéde:

1. Àpò ìpamọ́ ń dín ní oṣù dé oṣù, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Àlàfo àárín iye ìjọba àti iye ọjà dúdú ń fẹ̀ sí i. Bó bá kọjá ìdá 20 tàbí 30 nínú ọgọ́rùn-ún tó sì pẹ́ níbẹ̀, ọjà ti dájọ́ tirẹ̀.
3. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjà tí kò gbọ́dọ̀ gba dọ́là, ìlà àwọn tó ń dúró sì ń gùn.
4. Àjèjì kò rí owó rẹ̀ kó lọ. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Ẹ́míréètì dá ìrìnàjò rẹ̀ sí Nàìjíríà dúró nítorí pé owó tíkẹ́ẹ̀tì tó tà ní náírà kò ṣeé sọ di dọ́là.
5. Ìjọba ń yáwó lọ́wọ́ báǹkì àpapọ̀ rẹ̀. Èyí tí Nàìjíríà yá lọ́nà yìí kọjá tírílíọ̀nù 22 náírà kí ilé aṣòfin tó fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún 2023 pé kó di gbèsè ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Náírà tuntun tó bẹ́ẹ̀ yóò wá dọ́là lọ, kò sí ìlérí tó lè dá a dúró.

## Àkótán

Kò sí ọ̀nà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú méjèèjì. Àkànmọ́ ń fúnni ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń gba òmìnira èlé. Bí ìṣòro bá dé, iṣẹ́ àti owó oṣù ló ń rù ú, bó bá sì já, ó ń já lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣùwọ̀n ọjà ń pa àpò ìpamọ́ mọ́, ó ń jẹ́ kí ìjọba dá èlé tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí owó ọjà àti gbèsè òkèèrè ni ìṣòro ń bọ́ sí, olówó oṣù kékeré ló sì ń kọ́kọ́ fara gbá a.

Orílẹ̀-èdè kékeré tí owó rẹ̀ kò ní ìtàn ìgbẹ́kẹ̀lé, tó ń bá àwọn kan pàtó ṣòwò, tó sì ní onígbọ̀wọ́ gidi, lè jàǹfààní nínú àkànmọ́, bí ìnáwó ìjọba rẹ̀ bá mọ níwọ̀n. Orílẹ̀-èdè ńlá tí owó òkèèrè rẹ̀ ń ti ara ọjà kan ṣoṣo wá, tí owó ọjà náà sì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, kò yẹ kó ṣèlérí iye kan pàtó. Kó jẹ́ kí oṣùwọ̀n yí, kó tọ́jú dọ́là pamọ́ nígbà tí epo bá wọ́n, kó sì ti ilẹ̀kùn báǹkì àpapọ̀ mọ́ ìjọba tó fẹ́ yáwó. Báǹkì àpapọ̀ lè wọ ọjà díẹ̀díẹ̀ láti mú kí ìyípadà rọra, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bá ibi tí ọjà ń lọ jà.

Èyí tó burú jù ni àkànmọ́ orí ìwé tí kò sí àpò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Báǹkì àpapọ̀ tó bá ṣèlérí iye tí kò lè san ti sọ ìgbẹ́kẹ̀lé nù, ọdún púpọ̀ ló sì ń gbà kó tó rí i padà.

## Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ni báǹkì àpapọ̀ fi ń di oṣùwọ̀n àkànmọ́ mú? Kí ló dé tí bílíọ̀nù 30 kò fi ní tó oṣù 30 nínú àpẹẹrẹ wa?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ìjọba kò lè ní pọ̀. Méjì wo ni Bẹ̀nẹ̀ mú nínú ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Yúróòpù? Èwo ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?
3. Yúrò kan jẹ́ dọ́là 1.10. Ṣírò iye sẹ́fà tó wà nínú dọ́là kan. (Ìdáhùn: nǹkan bíi 596.)
4. Ẹnì kan ra dọ́là 2,000 ní náírà 305, ó sì tà á ní 480. Èló ni èrè rẹ̀, ta ló sì san án?
5. Ṣàlàyé ìdí tí fífa náírà wálẹ̀ kò fi lè mú kí epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ń tà pọ̀ sí i bó ti lè ṣe fún kòkó.

## Iṣẹ́ àṣetiléwá

Béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò kan ládùúgbò rẹ tó ń ta ọjà òkèèrè pé iye dọ́là wo ló fi ń dá owó ọjà rẹ̀, ti báǹkì ni tàbí ti ìta, kí ló sì fà á. Kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan, kí o sì fi ìpele kẹta ẹ̀kọ́ yìí yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, wá iye tó wà nínú àpò ìpamọ́ ilẹ̀ wa ní oṣù yìí àti ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí o sì sọ èrò rẹ nípa ibi tí náírà dorí kọ. Má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí oṣùwọ̀n kan, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti ọjà dúdú, kí o tó béèrè ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.